Tírímù Ẹnu Ọ̀nà: Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tó Bá Táìlì àti Ilẹ̀ Pákó Mu

Níbi tí táìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti parí, tí ilẹ̀ pákó tàbí ti kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá, àlàfo kan máa ń wà ní ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń bo àlàfo yẹn ni tírímù. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń dé ọjà tán kí a tó máa ro èyí tí a fẹ́ rà, àwọ̀ la sì máa ń kọ́kọ́ wò: aláwọ̀ góòlù, aláwọ̀ fàdákà, èyí tó jọ pákó. Àwọ̀ ló yẹ kó kẹ́yìn. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó jáde nílé ni bí ojú ilẹ̀ kan ṣe ga ju èkejì lọ tó.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n

Ẹ gbé rúlà irin gígùn, tàbí pákó kan tó gún régé, lé orí táìlì kí ó yọ gbọọrọ sórí ilẹ̀ yàrá. Ẹ fi rúlà kékeré wọn àyè tó wà lábẹ́ ibi tó yọ yẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ibi mẹ́ta, lápá ọ̀tún, lápá òsì àti láàárín, nítorí kọ́ńkéré ẹnu ọ̀nà kì í sábà tẹ́jú dọ́gba. Èyí tó pọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Bí ẹ kò bá tíì tẹ́ ilẹ̀ yàrá, ẹ lè ṣírò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ẹnu ọ̀nà kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 80. Táìlì ọ̀dẹ̀dẹ̀ nípọn ní mìlímítà 9, sìmẹ́ǹtì tó gbé e ró jẹ́ 5, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14. Pákó lámínéètì tí a fẹ́ tẹ́ sí yàrá jẹ́ mìlímítà 8, fóòmù abẹ́ rẹ̀ jẹ́ 2, ìyẹn 10. Táìlì fi mìlímítà 4 ga ju pákó lọ. Mẹ́rin yìí ni ẹ máa gbé lọ sọ́jà.

Irú èyí tí ẹ máa rà

Tírímù kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ lókè, tó ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo láàárín, bí lẹ́tà T. Ìyẹn wà fún ilẹ̀ méjì tó dọ́gba, tàbí tó fi mìlímítà 2 péré yàtọ̀. Bí ẹ bá fi í sí ẹnu ọ̀nà tí a ṣírò yìí, apá kan máa jókòó sórí táìlì, apá kejì máa dúró sófo lórí pákó. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́, á máa mì, súkúrù rẹ̀ á máa tú díẹ̀díẹ̀, etí tó ṣí sílẹ̀ náà á sì máa kọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni sálúbàtà màmá mi ti kọ́ nílé mi. Ọlọ́run ló yọ wá tí ó rí férémù dì mú.

Èyí tó yẹ ibẹ̀ ni tírímù tó rọra dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti orí táìlì sọ̀ kalẹ̀ sórí pákó. Bí ó bá ṣe fẹ̀ tó ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe máa rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn tó. Fún mìlímítà 4, tírímù tó fẹ̀ ní mìlímítà 40 ti tó.

Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà yàtọ̀. Òun kì í ju mìlímítà 2 lọ nígbà púpọ̀, nítorí náà táìlì wa á fi 12 ga jù ú lọ, ìyẹn sì pọ̀ fún tírímù nìkan, pàápàá níbi tí àgbàlagbà bá ti ń fi ọ̀pá rìn. Níbẹ̀, ẹ gbé ilẹ̀ yàrá sókè kí ẹ tó tẹ́ rọ́bà. Ẹ fi àdàlù tí wọ́n pò fún títún ojú kọ́ńkéré ṣe dà á gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ẹnu ọ̀nà wọnú yàrá, ó kéré tán sẹ̀ntímítà 40. Ẹ má ṣe lo yanrìn àti sìmẹ́ǹtì lásán fún un. Ibi tó bá ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni yóò ti máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ ó sì máa gbọ́ ariwo rẹ̀ lábẹ́ rọ́bà bí ẹ bá ń rìn.

Pákó gbọ́dọ̀ ráyè mí

Lámínéètì tí a so ara wọn pọ̀ láìfi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ́ńkéré máa ń wú nígbà òjò, ó sì máa ń súnkì nígbà ọyẹ́. Fún ìdí yìí, ẹ fi mìlímítà 10 sílẹ̀ láàárín etí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ tírímù. Bí ẹsẹ̀ náà bá nípọn ní 6, tí ó sì fara ti táìlì, gbogbo àlàfo jẹ́ 16. Tírímù tó fẹ̀ ní 40 á bò ó, á sì ṣẹ́kù 24 tó máa gùn orí táìlì àti orí pákó. Kí ti apá pákó má dín ní 10, kí àlàfo má baà hàn síta nígbà tí pákó bá súnkì.

Súkúrù gbọ́dọ̀ gba inú àlàfo yẹn wọ kọ́ńkéré. Kò gbọ́dọ̀ gba inú pákó kọjá. Mo ṣe àṣìṣe yìí fúnra mi nínú oṣù January kan: mo de tírímù mọ́ pákó pinpin, ó sì lẹ́wà lójú. Wọ́dúróòbù wíwúwo sì wà lódìkejì yàrá tó ti tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí àkókò òjò dé, pákó wú, kò sì rí ibi tí yóò gbà, ló bá rú sókè láàárín yàrá bí ẹ̀yìn ìjàpá. Mo tú súkúrù ẹnu ọ̀nà, mo sún wọ́dúróòbù, ó sì padà wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Gbígbé e sí ipò

Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí abẹ́ àárín rẹ̀. Orí ìlà yẹn ni tírímù máa wà, kí ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ má baà rí ilẹ̀ yàrá nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ìdí ilẹ̀kùn kò ní fi ra tírímù. Bí ó bá máa fi ra á, káfíńtà ló máa kọ́kọ́ fá ìdí ilẹ̀kùn.

Ẹ béèrè ọ̀nà tí páìpù omi àti wáyà gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀ kí ẹ tó gbé dírílì. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ni mo bẹ̀rù jù, nítorí páìpù sábà máa ń gba ibẹ̀. Níbi tí kò bá dá yín lójú, ẹ ra èyí tí a ń fi gúlù lẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá táìlì nìkan. Fún balùwẹ̀ bákan náà, alúmíníọ̀mù tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ mú. Tírímù onígi á rà níbẹ̀.

Ẹ fi ayùn irin eléyín wẹ́wẹ́ gé e kí ó kúrú ju ẹnu ọ̀nà lọ ní mìlímítà kan, kí ẹ sì fi fáìlì ra etí rẹ̀ kí ó má baà gé yín lọ́wọ́. Sílíkọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ lè wà lábẹ́ apá tó gun táìlì, kí omi tí a fi ń fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ má baà wọlé. Ẹ má fi sí apá pákó rárá.

Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ fún oṣù kan tàbí méjì, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri kejì. Bí pákó bá ń rì tó tún ń ru sókè bí ìrọ̀rí lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ tú tírímù, kí ẹ wo àlàfo. Ó ṣeé ṣe kí pákó ti kan ẹsẹ̀ tírímù, kí ó sì jẹ́ pé ẹ máa ní láti gé mìlímítà díẹ̀ kúrò létí rẹ̀.