Bí A Ṣe Ń Wo Fọ́tò Àyà fún Ikọ́ Ife, àti Ìdí Tí Wọ́n Ṣì Fi Ń Béèrè Kẹ̀lẹ̀bẹ̀

Bọ̀dá kan tó ń ta pákó ní Dèídéì, ní Àbújá níbí, gbé àpò fíìmù padà tọ̀ mí wá ní yàrá ẹ́kísíréè nígbà tí ọyẹ́ ń parí lọ. Ó ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 7. Ó ní eruku pákó àti ọyẹ́ ló fà á, bẹ́ẹ̀ ṣòkòtò ti ń tú nídìí rẹ̀, aṣọ sì ń rin gbingbin fún òógùn lóru. Dókítà ti wo fọ́tò tí mo yà fún un, ó sì tún ní kó gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ sí láàbù. Ibi tí kò ti yé e nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò ti fi ihò hàn. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi ṣe? Ẹ jẹ́ kí n kúkú lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì."

Èmi tí mo ń ya fọ́tò ni mo máa kọ́kọ́ sọ ọ́: ẹ́kísíréè kì í mọ orúkọ kòkòrò. Ó ń fi ibi tí nǹkan ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró hàn. Ohun tó jẹ ẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn ín bí mo ṣe mú bọ̀dá yẹn rìn ín.

Kí ẹ tó dúró síwájú ẹ̀rọ

Ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, ìlẹ̀kẹ̀, tírà àti kọ́ọ̀sẹ́ẹ̀tì onírin. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ kó irun dídì yín sórí, kí ó má ṣe bọ́ sí èjìká. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ ọ́, àmọ́ dídì tó nípọn tó sì wá sílẹ̀ dé èjìká máa ń fi ìlà funfun hàn lórí òkè ẹ̀dọ̀fóró gan-an, ibẹ̀ sì ni ikọ́ ife fẹ́ràn láti gbé. Mo ti rí fọ́tò tí wọ́n dá padà nítorí irun, ẹni tó ni ín sì ti sunkún dé ilé.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àyà lé pátákó, ẹ ti èjìká síwájú kí eegun ẹ̀yìn èjìká má bo ẹ̀dọ̀fóró, ẹ mí sínú dáadáa, kí ẹ sì dá a dúró. Ẹni tí kò bá mí sínú tó, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á fún pọ̀, gbogbo ìsàlẹ̀ á wá funfun bí ẹni pé àrùn wà níbẹ̀.

Ẹ gbé fíìmù náà sójú ìmọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ

Ẹ rò ó pé ẹni náà dúró, ó kọjú sí yín. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á wá bọ́ sí ọwọ́ òsì yín. A máa ń fi lẹ́tà R sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ tàbí L sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Afẹ́fẹ́ dúdú, eegun funfun, ọkàn náà funfun, ó sì tẹ̀ sí apá òsì rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tó mọ́ máa ń dúdú, pẹ̀lú àwọn ìlà tín-ín-rín tó ń tàn káàkiri bí ẹ̀ka igi: iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n. Ẹ fi òkè ọ̀tún wé òkè òsì kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ojú tó bá ń fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wéra ló ń rí ohun tó yàtọ̀.

Ẹ wá ihò

Fọ́tò bọ̀dá wa nìyí. Ní òkè ọ̀tún rẹ̀, lábẹ́ eegun tó dábùú láti ọrùn dé èjìká, ojú ibẹ̀ funfun bí òwú tí wọ́n ya. Láàárín òwú náà ni òbìrìkìtì dúdú kan wà, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, ògiri rẹ̀ nípọn, kò sì gún régé. Ihò nìyẹn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni pé ara àti kòkòrò jọ ń jà títí ẹran ẹ̀dọ̀fóró ibẹ̀ á fi kú, á sì rọ̀ bí wàrà tó dì. Nígbà tí ohun tó rọ̀ náà bá já sí ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí èémí ń gbà, aláìsàn á máa wú u jáde, àyè rẹ̀ á sì ṣófo. Afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, kòkòrò tó fẹ́ràn afẹ́fẹ́ á máa pọ̀ sí i lára ògiri. Ihò yìí ní ẹnu ọ̀nà tó ṣí sí ọ̀nà èémí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nígbà tó bá yá.

Àmọ́ ihò kì í ṣe ti ikọ́ ife nìkan. Oówo tó bẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró máa ń dá ihò sí i, omi sì sábà máa ń wà nínú tirẹ̀, tí ojú omi náà tẹ́ pẹrẹsẹ lórí fọ́tò. Jẹjẹrẹ máa ń dá ihò sí i. Ẹni tó ti ní ikọ́ ife rí, tó gba ìtọ́jú tó sì sàn, lè gbé ihò kiri títí ayé, bí ojú àpá lára awọ. Èébu, irú ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bàjẹ́, tún lè wọ ihò àtijọ́ yẹn kó sì di bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. Ẹni náà á máa wú ẹ̀jẹ̀, fọ́tò á sì jọ ti ikọ́ ife tó padà dé. Tí wọ́n bá tún kó oògùn ikọ́ ife lé e lórí, kò ní kan èébu náà rárá.

Ẹ wá kókó tó wú láàárín

Bọ̀dá yìí ní ọmọkùnrin ọlọ́dún 4 tó ń sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ wúkọ́, àmọ́ ó ń rù. Wọ́n mú òun náà wá.

Òkè ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ mọ́. Ibi tí nǹkan wà ni àárín, níbi tí iṣan ńlá àti ọ̀nà èémí ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lápá ọ̀tún. Ó yẹ kí ojú ibẹ̀ tẹ́ wọnú díẹ̀. Tirẹ̀ wú jáde roboto bí ìgbà tí èèyàn bá kó ẹ̀pà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kókó ara ló wú: irú kókó tó máa ń yọ lábẹ́ àgbọ̀n tàbí ní abíyá bí egbò bá wà nítòsí. Inú àyà ni tirẹ̀ wà, ọwọ́ ò lè tó o.

Báyìí ló máa ń rí lára ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o. Ó tún máa ń rí bẹ́ẹ̀ lára àgbàlagbà tí kòkòrò apa-sójà-ara ti jẹ agbára ara rẹ̀ tán. Ara tí kò lágbára kì í lè bá kòkòrò jà débi tí ihò á fi lu, nítorí náà fọ́tò irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi kókó nìkan hàn, ó tilẹ̀ lè mọ́ pátápátá nígbà tí àrùn wà níbẹ̀. Jẹjẹrẹ kókó ara pẹ̀lú máa ń wú kókó àyà.

Ẹ mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gidi wá

Bọ̀dá yìí gbọ́, ó lọ. Ohun tó kọ́kọ́ gbé wá jẹ́ itọ́: funfun, ó ń hó, ó ṣàn bí omi. Láàbù dá a padà. Bí wọ́n bá yẹ itọ́ wò tí wọn ò rí nǹkan kan, èèyàn á lọ sílé pé òun ò ní àrùn.

Bí wọ́n ṣe wá kọ́ ọ nìyí. Bó bá jí láàárọ̀, kí ó tó jẹun, kí ó fi omi lásán yọ ẹnu. Kí ó jáde síta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, jìnnà sí ọmọ àti ìyàwó. Kí ó mí sínú gan-an lẹ́ẹ̀mejì, kí ó dá a dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà, kì í ṣe láti ọ̀fun. Ohun tó nípọn, tó ń fà, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ni kí ó tu sínú ike náà, mílílítà 3 sí 5, bíi ṣíbí tíì kan. Kí ó dé e pa, kí ó sì gbé e dé láàbù lọ́jọ́ náà. Tí kò bá ṣeé ṣe, ibi tútù ni kó wà, kò gbọdọ̀ sí nínú mọ́tò tí oòrùn Àbújá ń yan.

Ẹ ka èsì rẹ̀

Láàbù fi ìkejì sínú ẹ̀rọ Jíìnẹ́kísípáàtì, tó ń wá àmì ìdánimọ̀ kòkòrò ikọ́ ife fúnra rẹ̀. Kò tó wákàtí 2 tí èsì fi jáde:

```
MTB DETECTED HIGH
Rif Resistance NOT DETECTED
```

Ìlà àkọ́kọ́ ní kòkòrò ikọ́ ife wà, ó sì pọ̀. Ẹnu ọ̀nà ihò yẹn ló jẹ́ kó pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ìlà kejì ni kò sí fọ́tò kankan láyé tó lè sọ ọ́: pé rifampísìnì, olórí oògùn ikọ́ ife, ṣì máa ràn án. Ká ní kòkòrò náà ti mọ́ oògùn yẹn lójú ni, ihò orí fíìmù kò ní yàtọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ oògùn oṣù 6 tí wọ́n ń fún gbogbo èèyàn kò ní wò ó. Oògùn kẹ́míìsì tó fẹ́ lọ rà tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ní ibùdó ìtọ́jú ikọ́ ife ti ìjọba, ọ̀fẹ́ ni oògùn yìí.

Ẹni tó bá ti gba ìtọ́jú rí gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ní láàbù, torí ẹ̀rọ náà kì í mọ òkú kòkòrò yàtọ̀ sí alààyè. Ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n sábà máa ń gbin kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà sínú ìgò, bí àgbẹ̀ ṣe ń gbin irúgbìn. Èyí tó bá wà láàyè nìkan ló máa hù, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8.

Ti ọmọ wá ńkọ́? Ọmọ ọlọ́dún 4 kì í mọ bí a ṣe ń tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ó máa ń gbé e mì ni. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sínú ẹ̀rọ, torí ohun tó gbé mì á gba ibẹ̀ jáde. Èsì rẹ̀ ní kò sí. Màmá rẹ̀ ti ń dúpẹ́, ni dókítà bá ní kí wọ́n jókòó. Kókó kò lẹ́nu ọ̀nà bí ihò. Kòkòrò inú rẹ̀ kì í pọ̀, wọ́n sì há mọ́bẹ̀, nítorí náà "kò sí" ti ọmọdé kò lágbára bíi ti àgbàlagbà. Bàbá tó ní àrùn nínú yàrá kan náà, ara tó ń rù, kókó tó wú lórí fọ́tò: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kó pọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ oògùn fún un. Níbí, fọ́tò ló gbé ọ̀rọ̀ náà, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kọ́.

Nígbà tí oṣù 2 pé, bọ̀dá wa tún gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá, wọ́n sì fi maikirosíkóòpù wò ó, wọn ò lo ẹ̀rọ tó ń ka òkú mọ́ alààyè. Wọn ò rí kòkòrò kankan. Ó bẹ̀ mí pé kí n tún fọ́tò yà, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ihò ti dí. Mo ní kó má wulẹ̀ náwó sí i, ihò lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí kòkòrò bá ti kú, kó má lọ dáyà já a. Ó ti padà sídìí pákó rẹ̀ ní Dèídéì, oṣù 4 ló kù kí oògùn rẹ̀ parí.