Ẹ má dúró de òpin ọdún kí ẹ tó ka ọjà

Ẹ̀yin ará, bí irú ọjà 2,000 bá wà nílé ìkẹ́rùsí yín, ẹ má fi gbogbo kíkà rẹ̀ sí ìparí ọdún. Tí páálí 12 bá dín nígbà náà, ta ló máa rántí oṣù tí wọ́n sọnù? Ẹ ka 200 tó gbówó lórí jù lóṣooṣù, 600 tó tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, 1,200 tó kù lẹ́ẹ̀kan. Kíkà 6,000 nìyẹn. Nínú ọjọ́ iṣẹ́ 250, 24 péré ló bọ́ sí lójúmọ́. Kí ẹrù tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láàárọ̀ ni kí ẹ kà á. Ẹ má fi iye tó wà nínú ìwé han ẹni tó ń kà, torí ojú rẹ̀ á kàn máa wá a ni. Tí iye kò bá bára mu, ẹ kọ́kọ́ wá ọjà tó ti jáde tí wọn ò tíì kọ sílẹ̀.