Bí mo ṣe rí ohun tó ń jó tẹlifíṣọ̀n nílé kan ní Àkúrẹ́

Tẹlifíṣọ̀n méjì, pátákó inú fíríìjì kan, dìkódà kan, gílóòbù bíi mẹ́rìnlá, àti ṣájà fóònù tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́. Gbogbo rẹ̀ jó láàárín oṣù márùn-ún nínú ilé kan ṣoṣo ní ìhà òpópónà Ọ̀dà, nílùú Àkúrẹ́. Màmá tó ni ilé náà ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó kó àwọn ẹ̀rọ tó jóná jọ sí igun pálọ̀, ó sì ní kí n kọ́kọ́ wò wọ́n kí n tó ṣe ohunkóhun.

"Ọmọ mi, bá mi wo ilé yìí dáadáa. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni iná yìí ń jẹ."

Oníṣẹ́ iná mẹ́ta ti wá ṣáájú mi. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí wọ́n ra sitabiláísà. Ẹni kejì sọ pé tiransifọ́mà sún mọ́ ilé jù, pé iná tó ń bọ̀ ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni kẹta ní sọ́jì ni, ìyẹn iná tó ń fò sókè lójijì, ó sì ta sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń dènà sọ́jì fún wọn. Sitabiláísà náà jó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì náà jó pẹ̀lú.

Mi ò tíì mú mítà tí mo fi ń wọn iná jáde nígbà tí mo bẹ Màmá pé kí wọ́n sọ ọjọ́ àti àkókò tí ohun kọ̀ọ̀kan jó fún mi. Olùkọ́ ni wọ́n, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ wà. A jókòó tì í fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà ti yanjú dé ìdajì. Àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ jùlọ wọn jó, pàápàá àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi àti àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọ-ọmọ ń lọ sílé ìwé. Ohun tó wà ní pálọ̀ àti ní yàrá ló ń jó. Kò sí ohun kan tó jó rí ní ìdáná. Dìkódà nìkan ló jó lásìkò òjò àti àrá. Kò sì sí ohun tó jó rí nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́.

Mo béèrè bóyá àwọn aládùúgbò náà ń sunkún ẹ̀rọ. Màmá ní rárá, fíríìjì ilé kejì ti ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ìdáhùn yìí ló jẹ́ kí ọkàn mi kúrò lára tiransifọ́mà. Bí iná bá pọ̀ jù láti orí tiransifọ́mà, ilé kan ṣoṣo kọ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí níútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, bá já lórí òpó, àwọn ilé tó wà lẹ́yìn ibi tó ti já ni yóò jọ pín in.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí níútírà ń ṣe, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Fésì mẹ́ta, ìyẹn wáyà mẹ́ta tó ń gbé iná wọlé, ló wọ ilé Màmá: pupa gba pálọ̀, yẹ́lò gba ìdáná àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, búlúù gba àwọn yàrá. Wáyà níútírà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbà padà. Láti fésì kan sí níútírà, fóòtì 230 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Láti fésì kan sí fésì mìíràn, ó tó 400. Tí níútírà bá já, iná tó wọ ìdáná kò ní ọ̀nà tí yóò gbà padà mọ́, á wá gba inú ẹ̀rọ pálọ̀ kọjá sórí fésì tibẹ̀. Ìdáná àti pálọ̀ á wá di ohun tí a so tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n jọ ń pín 400 náà.

Wọn kì í sì í pín in dọ́gba. Ká ní hítà 2000 wáàtì wà ní ìdáná, tí tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù tó jẹ́ 200 wáàtì wà ní pálọ̀. Ohun tó ń jẹ iná díẹ̀ ló ń dènà iná jù, nítorí náà òun ni fóòtì púpọ̀ ń jókòó lé lórí. Ẹ pín 400 sí ọ̀nà 11: hítà á gba ìpín kan, nǹkan bíi fóòtì 36, tẹlifíṣọ̀n á sì gba ìpín mẹ́wàá, nǹkan bíi 364. Omi ìdáná kò ní gbóná, tẹlifíṣọ̀n á sì gbiná. Ìdí nìyí tí ohun kékeré fi ń jó tí ohun ńlá kì í fi í jó.

Mo ṣí páńẹ́lì, mo sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹrù díẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń jẹ iná, wà lórí iná. Pupa sí níútírà jẹ́ 238, yẹ́lò 232, búlúù 238. Láàárín fésì méjì, 408. Ẹni tó bá dúró síbi tí mo dúró yìí á sọ pé kò sí ohun tó ṣe ilé náà, mo sì gbà pé ohun tí àwọn tó ṣáájú mi rí nìyẹn. Iná tí kò lẹ́rù lórí kì í sọ òtítọ́ nípa níútírà.

Mo yọ gbogbo ohun tó lè jó kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ní pálọ̀ àti yàrá. Ó di dandan, torí ẹni tó bá gbàgbé á fọwọ́ ara rẹ̀ jó tẹlifíṣọ̀n kẹta. Gílóòbù kan ṣoṣo ni mo fi sílẹ̀ ní pálọ̀. Mo wá ní kí ọmọbìnrin ilé tan áyọ́ọ̀nù 1000 wáàtì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń lọ aṣọ ìjọ. Kíá ni gílóòbù pálọ̀ mọ́lẹ̀ gbòò. Nílé tí iná rẹ̀ kàn rẹlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù á dín kù díẹ̀ tí ẹrù bá wọlé. Gílóòbù tó ń mọ́lẹ̀ sí i nígbà tí áyọ́ọ̀nù bá wọlé níbòmíràn, níútírà ló ń ké gbàjarè.

Mítà fi í hàn: yẹ́lò já sí 152, pupa gòkè sí 286, búlúù sí 288. Ṣùgbọ́n láàárín fésì sí fésì, 408 náà ni. Nọ́ńbà tí kò yí padà yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Ká ní iná láti orí tiransifọ́mà ló pọ̀ jù, fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìbá jọ gòkè, àárín fésì sí fésì pàápàá ìbá sì gòkè. Tí fésì kọ̀ọ̀kan bá dé 270, àárín wọn á tó bíi 468. Tí àwọn kan bá ń gòkè tí èkejì ń já, tí àárín wọn kò sì yí padà, níútírà ló ti tú. Mo tún wọn níútírà sí ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó wọ inú ilẹ̀: fóòtì 81, lára wáyà tí àwọn kan gbàgbọ́ pé kò lè gbé èèyàn. Mo ní kí wọ́n pa áyọ́ọ̀nù kíákíá.

Ó wá ku ibi tó ti tú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wọlé, mo ń tan áyọ́ọ̀nù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn mítà ilé, níútírà sí ẹ́ẹ̀tì jẹ́ 2. Níbi tó ti wọ ṣénjìófà, ohun tí a fi ń yí ilé láti iná ìta sí jẹnẹrétọ̀, 2. Níbi tó ti jáde lára ṣénjìófà, 81. Inú ṣénjìófà náà ló wà. Ká ní ó ti ga kó tó dé mítà ilé ni, mi ò ní fọwọ́ kàn án; iṣẹ́ àwọn tó ń pín iná nìyẹn, mo máa sọ fún Màmá kí wọ́n pè wọ́n.

Ó yé mi nígbà náà ìdí tí jẹnẹrétọ̀ kò fi jó ohunkóhun rí. Ẹnu mìíràn ni jẹnẹrétọ̀ ń gbà nínú ṣénjìófà, fésì kan ṣoṣo ló sì ní, tí wọ́n pín sí gbogbo ilé. Láìsí fésì kejì, kò sí ibi tí 400 yóò ti wá. Òun ló ti mú kí gbogbo èèyàn ní iná ìta ló burú.

Mo já bírékà tó wà lẹ́yìn mítà ilé, mo wọn ẹnu ṣénjìófà lẹ́ẹ̀mejì kó dá mi lójú pé kò sí iná níbẹ̀, kí n tó tú u. Wáyà alumíníọ̀mù ni wọ́n tì bọ ẹnu idẹ, síkúrúù rẹ̀ ti dẹ̀, rọ́bà ara wáyà ti yọ́, ẹnu níútírà sì dúdú bí èédú. Tí ibẹ̀ bá tutù, ó ń kan ara rẹ̀ díẹ̀. Tí ẹrù bá wọlé, á gbóná, á sì tú. Mi ò fi sáńdípépà fọ̀ ọ́ kí n tún un dì. Àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó tún jó. A lọ ra òmíràn tí í ṣe 63 áńpà ní Ọjà Ọba, mo gé ibi tó jó lára wáyà kúrò, mo fi ìdè tó yẹ fún alumíníọ̀mù àti bàbà so ó, mo sì mú síkúrúù le.

Nígbà tí a tún tan áyọ́ọ̀nù pẹ̀lú hítà pọ̀, yẹ́lò jẹ́ 230, àwọn yòókù 236 àti 237, níútírà sí ẹ́ẹ̀tì kò ju 2 lọ. Gílóòbù pálọ̀ kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ ti iná pọ̀ jù, mi ò kàn fẹnu lásán pa á tì. Mo fi mítà tó ń rántí iye tó ga jù sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Òru, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti sùn, ló ti ga jù: 246, fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ gòkè ni. Ó ga díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ń pa tẹlifíṣọ̀n. Ti sọ́jì náà, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí dìkódà tó jó lọ́jọ́ àrá kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú níútírà. Okùn díṣì orí òrùlé ni mo fura sí, mo sì ní kí wọ́n máa yọ ọ́ tí ojú ọ̀run bá ti ṣú.

Màmá béèrè ìdí tí sitabiláísà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì sọ́jì kò fi gbà wọ́n. Mo ní sitabiláísà ilé kì í sábà gbé ohun tó sún mọ́ 290, kí a má tilẹ̀ sọ 364. Ohun tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, iná tó fò fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ṣe é fún. Tí iná gíga bá jókòó lé e lórí fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á gbóná títí yóò fi jó. Èyí tí mo wá fi sí páńẹ́lì wọn ni ẹ̀rọ tó ń já iná fúnra rẹ̀ lórí fésì kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá 260. Kò lè ṣàtúnṣe iná, ó kàn ń gé e ni.

Mo kọ àwọn nọ́ńbà méjèèjì sórí bébà, ti ìgbà tí áyọ́ọ̀nù kò sí lórí iná àti ti ìgbà tó wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo wọ̀n wọ́n, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn páńẹ́lì. Oníṣẹ́ tó bá wá lẹ́yìn mi á rí ohun tí yóò fi wé tirẹ̀. Ó ti di oṣù mẹ́rin báyìí. Nígbà tí mo tún yà níbẹ̀, mo tú ojú ṣénjìófà náà wò: síkúrúù kò dẹ̀, ẹnu níútírà kò sì dúdú.