Òṣùwọ̀n tó ń purọ́ níbi tí a ti ń di káṣú

Ní Ọjọ́bọ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mo gbé irin ìwọ̀n 500 gíráàmù lé òṣùwọ̀n wa. 512 ló kọ. Gíráàmù 2 péré la gbà kó fi yẹ̀. Ìyá tó ń bá wa di káṣú fẹ́ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ ná." Tí a bá tún un ṣe láìkọ ọ́, báwo la ṣe fẹ́ mọ iye tó ti fi tàn wá?

Mo kọ "MÁ LÒ Ó", 512, ọjọ́ àti orúkọ mi sí káàdì pupa, mo lẹ̀ ẹ́ bo bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan òṣùwọ̀n náà. (Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹnìkan tún tan án!)

Òṣùwọ̀n náà ń kọ jù, nítorí náà ọ̀rá tó pè ní 500 kò ju nǹkan bíi 488 lọ. Àárọ̀ Ajé la rí i gbẹ̀yìn pé ó pé, la bá ya gbogbo ohun tí a dì láti ìgbà náà sọ́tọ̀. A fi òṣùwọ̀n mìíràn tó pé wọn ọ̀rá 260 lọ́kọ̀ọ̀kan, a bu kún wọn. 80 ti dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Mo pè é, a sì pààrọ̀ wọn fún un.