Ẹ yéé bú ìyàwó torí ó bí obìnrin: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ẹni tó ń pinnu akọ tàbí abo

Mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ládùúgbò wa, ọmọ kẹrin ni, obìnrin dẹ̀ ni gbogbo wọn. A ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́ ni ìyá ọkọ bá mí kanlẹ̀, wọ́n ní "ẹ ṣáà máa bá wa gbàdúrà o, ìyàwó wa yìí, obìnrin nìkan ló mọ̀ ọ́n bí". Àwọn èèyàn ṣe àmín, ìyá ìkókó wolẹ̀. Báólójì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀rọ̀ yẹn ń yún mi lẹ́nu, àmọ́ àlejò ni mí níbẹ̀, mo bá gbé e mì. Níbí ṣá, màá sọ ọ́.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn, kéèyàn máa di ẹ̀bi ru ìyàwó. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, kromosómù, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó gbé àbùdá wa, 46 ló wà níbẹ̀, méjì méjì ni wọ́n tò sí, oríṣi 23. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ni ọ̀rọ̀ wà: obìnrin ní X méjì, ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Tí ara bá fẹ́ ṣe ẹyin tàbí àtọ̀, ẹyọ kan péré ló máa ń mú nínú méjì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wò ó, obìnrin tó jẹ́ pé X àti X ló ní, kí ló fẹ́ mú tí kò ní jẹ́ X? Gbogbo ẹyin tó ń bọ́ lára ẹ̀ lóṣooṣù, X ló gbé. Kò ní Y tó fẹ́ fi pamọ́.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin ni nǹkan ti pín sí méjì. Sẹ́ẹ̀lì kan nínú kóró ẹpọ̀n tó ní X àti Y máa pín lẹ́ẹ̀mejì, á di mẹ́rin, méjì nínú àwọn mẹ́rin yẹn á gbé X, méjì á gbé Y. Bó ṣe ń ṣe é ní gbogbo ìgbà nìyẹn, torí ẹ̀ ló fi jẹ́ pé ìdajì àtọ̀ ń gbé X, ìdajì ń gbé Y, kódà lára bàbá tó bí obìnrin mẹ́fà. Èyí tó bá ráyè wọ inú ẹyin, ara ẹyin á yí padà kíákíá kí òmíràn má baà wọlé mọ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Tó bá gbé X wọlé, obìnrin. Tó bá gbé Y, ọkùnrin.

Àwọn òyìnbó náà ò tètè mọ̀ ọ́n o. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọn ń sọ pé oúnjẹ tàbí ooru ló ń pinnu ẹ̀. Ọdún 1905 ni obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Nẹ́tì Sítífẹ́ńsì, wo kòkòrò tó máa ń wà nínú ìyẹ̀fun lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ó rí i pé kromosómù ńlá 20 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì abo, àmọ́ ńlá 19 àti kékeré kan ló wà nínú ti akọ. Kékeré yẹn ni à ń pè ní Y lónìí.

Àṣìṣe kejì, àwọn tó ti gbọ́ àlàyé òkè yìí ló máa ń ṣe é: wọ́n á gbé èébú kúrò lórí ìyàwó, wọ́n á gbé e lé ọkọ lórí, "àtọ̀ ẹ̀ ò lágbára ni". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ bàbá ló ti wá, àmọ́ bàbá ò yàn án. Àìmọye mílíọ̀nù ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí bó ṣe fẹ́ pàṣẹ fún wọn. Èyí tó gbé X náà dẹ̀ lágbára tó èyí tó gbé Y, ṣebí òun ló dé ibẹ̀.

Àṣìṣe kẹta ló ń fa ìyà jù lójú tèmi. "A ti bí obìnrin mẹ́rin, ó ti tó àsìkò kí ọkùnrin dé." Àwọn èèyàn rò pé ó dà bí ọmọ ayò tó wà nínú àpò, téèyàn bá ti kó àwọn kan jáde, àwọn yòókù ló kù. Kò rí bẹ́ẹ̀, àpò yẹn ń kún lákọ̀tun ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí, bí 488 máa ń jẹ́ obìnrin, ọkùnrin fi díẹ̀ pọ̀ jù wọ́n lọ. Ká wá mú ìdílé 1,000 tó fẹ́ bí ọmọ mẹ́rin mẹ́rin. Nǹkan bí 488 ló máa kọ́kọ́ bí obìnrin. Nínú ìyẹn, bí 238 á tún bí obìnrin ṣìkejì, 116 á bí i ṣìkẹta, 57 á bí i ṣìkẹrin. Ìdílé 57 rèé tó bí obìnrin mẹ́rin láìsí àìsàn, láìsí àfọ̀ṣẹ, ìṣirò lásán. Kí àwọn 57 yìí wá bí ìkarùn-ún, bí 29 á bí ọkùnrin, bí 28 á bí obìnrin. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kìíní náà ló ṣì rí, ohun tó yí padà kò ju pé owó sùkúù ti pọ̀ sí i.

Ti àgbo tí wọ́n ní ó ń sọ ọmọ inú oyún di ọkùnrin ńkọ́? Ìgbà tí obìnrin bá fi mọ̀ pé nǹkan oṣù òun ò wá, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí X tàbí Y ti wọlé. Àgbo wo ló fẹ́ wá yọ ọ́? Ẹ̀rí táwọn èèyàn máa ń mú wá ni pé síkáànì àkọ́kọ́ sọ pé obìnrin ni, ìyá lo àgbo, síkáànì kejì ní ọkùnrin. Ẹ bi wọ́n pé oṣù mélòó ni oyún wà nígbà àkọ́kọ́ yẹn. Níbẹ̀rẹ̀, ojú ara akọ àti abo jọra wọn gan-an, jíìnì kan, ìyẹn ìtọ́ni àbùdá, tó ń jẹ́ SRY lórí Y ló máa ń sọ fún ara ọmọ nígbà tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kóró ẹpọ̀n, ìyókù á wá máa yọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá wò ó ní oṣù mẹ́ta lè ṣì í rí. Ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ló máa ń hàn dáadáa. Ọmọ ò yí padà, ojú síkáànì ló ṣì í wò.

Àwọn kan ní kí tọkọtaya tó ń wá ọkùnrin sún mọ́ra lọ́jọ́ tí ẹyin bọ́ gan-an, pé àtọ̀ tó gbé Y ló ń sáré jù. Wọ́n tẹ̀ lé obìnrin 221 ní Amẹ́ríkà, èsì ẹ̀ jáde ní 1995, ọjọ́ tí wọ́n sún mọ́ra ò yí akọ tàbí abo padà rárá. Èyí tó burú ni ti àwọn obìnrin tó ń fi béékìn sódà fọ ojú ara torí kí wọ́n lè bí ọkùnrin, ìyẹn lè ba omi ara ibẹ̀ jẹ́, kó fa àrùn. Ẹ má dán an wò.

Ó ku ohun tí mi ò lè sọ fún ìyá ọkọ lọ́jọ́ yẹn. X kan ṣoṣo ni ọmọ wọn ọkùnrin ní, ọ̀dọ̀ wọn ló dẹ̀ ti gbà á, torí Y ni bàbá ẹ̀ fún un. X yẹn náà ló fún àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó wà lára ìkókó tí wọ́n gbé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn lọ́jọ́ náà, tiwọn ni.