Bí mo ṣe pààrọ̀ họ́ọ̀sì tọ́lẹ́ẹ̀tì wa l'Ádó-Èkìtì

Láràárọ̀ la máa ń bá omi nílẹ̀ tọ́lẹ́ẹ̀tì, kò pọ̀, bí omi téèyàn fi ṣan ẹsẹ̀ ni, màmá mi sì ti ń bá àwọn ọmọ wí pé àwọn ló ń da omi sílẹ̀. Mo ní "Màmá, ẹ jẹ́ n wò ó ná." Mo fa tíṣù, mo wé e mọ́ họ́ọ̀sì tó ń gbé omi láti ara ògiri lọ sínú táńkì kékeré ẹ̀yìn tọ́lẹ́ẹ̀tì, mo wé e níbi mẹ́ta, nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, àárín, àti nọ́ọ̀tì òkè. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn wákàtí kan, ti òkè nìkan ló rin gbingbin.

Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ mọ họ́ọ̀sì yẹn, èyí tí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ hun ìta ẹ̀ bí ẹni dirun. Rọ́bà ló wà nínú tó ń gbé omi, wáyà ìta ló ń dì í mú kó má baà wú. Níbi òrùka irin tó fún wáyà mọ́ rọ́bà, lẹ́bàá nọ́ọ̀tì òkè, ó ti dípẹtà, wáyà mẹ́rin ti já tí wọ́n ń gún mi lọ́wọ́, nǹkan funfun bí iyọ̀ sì gbẹ mọ́ ọn, rọ́bà inú ti ń yọjú níbi tí wáyà ti já. Tó bá ti rí báyìí, ẹ má wé tépù mọ́ ọn rárá, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí tó bá bẹ́ lóru, omi táńkì òkè ò ní dá dúró àfi tó bá tán, lítà 2,000 sì ni tiwa.

Kí ló fà á? Mo fi okùn wọ̀n ọ́n láti fáàfù ara ògiri dé ẹnu táńkì, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 31, họ́ọ̀sì 30 ni ẹni tó ṣe é tẹ́lẹ̀ wá fà mọ́ ọn, ó nà tantan, gbogbo agbára ìfà yẹn sì wà lọ́rùn òrùka. Bílíìṣì tí a fi ń fọ tọ́lẹ́ẹ̀tì tún ń ta sí i lára lójoojúmọ́, bílíìṣì sì máa ń jẹ wáyà yẹn, kódà sìtéènlẹ́ẹ̀sì.

Mo gbé ti àtijọ́ dání lọ s'Ọ́jà Ọba kí wọ́n lè bá mi wo ẹnu ẹ̀, torí ti táńkì wa, nọ́ọ̀tì ààbọ̀ ínṣì ló wà lẹ́nu méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ omi ibi ìfọwọ́, ẹnu kan máa ń jẹ́ kékeré tó ń wọnú ẹ̀rọ náà lọ. Ìyá tó ń tajà ní kí n kúkú mú 60, kí n ká a. Mo ní "Rárá, Mà", torí tó bá gùn jù, ó máa ṣẹ́ po, ibi tó ti ṣẹ́ po náà ló máa bàjẹ́. 40 ni mo mú, kó lè tẹ̀ wẹ́rẹ́ láì nà. Mo yẹ inú nọ́ọ̀tì wò níbẹ̀, ẹnu kan ò ní wáṣà! Wáṣà rọ́bà pẹlẹbẹ yẹn gan-an ló ń dí omi, kì í ṣe eyín nọ́ọ̀tì, nítorí náà wọ́n bá mi pààrọ̀ ẹ̀.

Nílé, mo ti fáàfù ara ògiri pa, mo fọ́ọ̀ṣì omi táńkì kékeré yẹn dànù, mo gbé abọ́ sábẹ́, mo wá tú nọ́ọ̀tì méjèèjì. Wáṣà àtijọ́ ti le gan-gan bí ike, nọ́ọ̀tì sì ti tẹ ojú àmì sí i, ẹ má lò ó mọ́. Mi ò wé tépù sí ẹnu tó ní wáṣà, torí ó lè máà jẹ́ kí wáṣà jókòó dáadáa. Mo fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì dé ibi tó dúró, mo fi sípánà fún un ní ìdámẹ́rin ìyípo péré. Ti òkè, ọwọ́ kejì mi di ẹnu ike inú táńkì mú kó má baà bá a yí, ike yẹn máa ń fọ́ tí wọ́n bá le mọ́ ọn jù. Mo ṣí fáàfù díẹ̀díẹ̀, mo tún wé tíṣù, títí ilẹ̀ fi mọ́, ó gbẹ.

Ló bá di pé mo yẹ ti abẹ́ síìnkì ilé ìdáná náà wò, mo bá gálọ́ọ̀nù bílíìṣì tí ìdérí ẹ̀ ò dé dáadáa níbẹ̀, wáyà họ́ọ̀sì tó wà lókè ẹ̀ ti ní ipẹtà pupa tó-tò-tó láìjẹ́ pé omi kankan ń jò. Òórùn ẹ̀ nìkan ló ṣe é. Mo ti gbé gálọ́ọ̀nù yẹn jáde síta, ọ̀la ni mo máa pààrọ̀ ìyẹn náà.