Ẹ má tètè pa àmì ìyọkúrò: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ìṣirò ìwọ̀n ilẹ̀ látinú nọ́ńbà igun

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan gbé ìṣirò ilẹ̀ wá bá mi. Ilẹ̀ onígun márùn-ún ni, ní Ìbàdàn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ka nọ́ńbà bíkìn márààrún, ìyẹn òpó tí wọ́n rì mọ́ igun ilẹ̀. Ó ní ilẹ̀ náà jẹ́ 2,040 mítà onígun mẹ́rin. Kò tó bẹ́ẹ̀. 1,528 ni. Kò ka nọ́ńbà kankan ṣì, kò sì sọ ohunkóhun di ìlọ́po tó ṣì. Ó kàn rí àmì ìyọkúrò níwájú nọ́ńbà méjì ni, ó sì pa á rẹ́. Ó ní, “Ọ̀gá, ilẹ̀ ò lè kéré sí òdo.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n 512 mítà ló ti fi kún ilẹ̀ onílẹ̀, bẹ́ẹ̀ púlọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní mítà 18, tó gùn ní 36, kò ju 648 lọ.

Ìlànà tó lò ni wọ́n ń pè ní okùn bàtà. Ẹ ó to àwọn igun sísàlẹ̀ ní títẹ̀lé ara wọn bí ẹni ń rìn yí ilẹ̀ ká. Nọ́ńbà ìlà oòrùn á wà lápá òsì, ti àríwá á wà lápá ọ̀tún, ẹ ó sì tún igun àkọ́kọ́ kọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ mú ti òsì lórí ìlà kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po pẹ̀lú ti ọ̀tún lórí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ẹ wá yọ ìlọ́po ti ọ̀nà kejì kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fa ìlà so àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, wọ́n á gba orí ara wọn kọjá bí okùn tí a fi ń de bàtà. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì pín in sí méjì.

Nọ́ńbà UTM, èyí tó ń fi mítà sọ ibi tí nǹkan wà sí ìlà oòrùn àti sí àríwá, ni ọmọ náà kà. Bíkìn A wà ní 600012 sí ìlà oòrùn àti 816005 sí àríwá. Mo yọ 600000 àti 816000 kúrò nínú gbogbo wọn. Ohun tó kù nìyí:

```
A   12    5
B   48   10
D   52   40
F   30   52
G    8   36
A   12    5

A-B   12×10 − 48×5  =  −120
B-D   48×40 − 52×10 =  1400
D-F   52×52 − 30×40 =  1504
F-G   30×36 −  8×52 =   664
G-A    8×5  − 12×36 =  −392
                       3056

3056 ÷ 2 = 1528
```

Àwọn méjì tó ní àmì ìyọkúrò ni ọmọ náà sọ di 120 àti 392. Àṣìṣe yìí ni mo máa ń rí jù, ohun tó sì ń fà á ni pé wọ́n kọ́ni ní ìlànà láìsọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n. Ẹ wo ojúkò tí nọ́ńbà méjèèjì ti jẹ́ òdo, ní ìta ilẹ̀ náà lápá gúúsù. Ká sọ pé ẹ dúró síbẹ̀, ẹ sì na okùn kan sí bíkìn B, òmíràn sí D. Okùn méjèèjì àti ògiri B-D di onígun mẹ́ta kan. Ìlọ́po méjì onígun mẹ́ta yẹn ni 1400. Ògiri B-D jìnnà sí yín, nítorí náà onígun mẹ́ta náà kó ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀n mọ́ra, ó sì tún kó ilẹ̀ òfìfo tó wà láàárín yín àti ilẹ̀ náà. D-F àti F-G náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí lápapọ̀ jẹ́ 1,784 mítà.

Ògiri A-B àti G-A ló kọjú sí yín. Onígun mẹ́ta tiwọn kò kan inú ilẹ̀ rárá. Ilẹ̀ òfìfo nìkan ni wọ́n bò, 256 mítà. Bí ẹ ṣe ń gba iwájú ògiri wọ̀nyí kọjá, ìrìn yín ń yí sí òdìkejì ní ojú ẹni tó dúró ní òdo, ìdí nìyẹn tí àmì fi yí. Bí ẹni tó gbé epo sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú garawa ni: ẹ gbọ́dọ̀ yọ ìwọ̀n garawa kúrò kí ẹ tó mọ ìwọ̀n epo. 1,784, ẹ yọ 256, ó ku 1,528. Ẹni tó pa àmì rẹ́ ti ro garawa mọ́ epo lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ má ṣe gbàgbé ìlà tó padà sílé, G-A, èyí tó ti bíkìn ìkẹyìn lọ sí ti àkọ́kọ́. Bí a bá fò ó nínú ìṣirò òkè yìí, àpapọ̀ á di 3448, ilẹ̀ á sì di 1,724. Ojú lásán kò lè dá nọ́ńbà yẹn mọ̀ pé irọ́ ni. Ká ní odindi nọ́ńbà UTM la lò ni, ìlà kan ṣoṣo tí a gbàgbé yẹn ìbá sọ ilẹ̀ náà di 10,933,724 mítà, ó lé ní 1,000 hẹ́kítà, ọmọdé pàápàá á mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Èyí tó fara sin jù ni ti ẹni tó máa ń fi igun àkọ́kọ́ ṣe òdo, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é nínú àpẹẹrẹ kíláàsì. Bí A bá jẹ́ (0, 0), ìlà tó padà sílé á jẹ́ òdo, ẹni tó fò ó á ṣì gba ìdáhùn tó pé. Ó lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó pàdé ilẹ̀ tí A rẹ̀ kì í ṣe òdo.

Títò tí a to igun náà tún wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn á to bíkìn bí ó ṣe rí wọn, tàbí bí nọ́ńbà ara wọn ṣe tẹ̀ léra. Mo pààrọ̀ ipò D àti F nínú ilẹ̀ wa, ó di A, B, F, D, G. Àpapọ̀ jẹ́ 1732, ìwọ̀n jẹ́ 866. Ògiri B-F ti gba orí ògiri D-G kọjá, ilẹ̀ náà wá dà bí ẹni lọ́ aṣọ tútù. Apá kan ń yí sí òdì ọwọ́ aago, apá kejì ń yí bí ọwọ́ aago, wọ́n sì ń yọ ara wọn kúrò. Ẹ kíyè sí i pé àmì àpapọ̀ kò yí padà, nítorí náà àmì nìkan kò lè ta yín lólobó níbí. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá wo gígùn ògiri. Láti B sí D, ilẹ̀ yìí jẹ́ mítà 30.3, bẹ́ẹ̀ ni púláànù sì ṣe kọ ọ́. Nínú èyí tí mo dà rú, ògiri tó ti B jáde di 45.7. Gígùn tí kò bá púláànù mu ti tó láti dá ìṣirò dúró.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo àmì àpapọ̀ gan-an. Nígbà tí nọ́ńbà ìlà oòrùn bá wà lápá òsì, tí ti àríwá sì wà lápá ọ̀tún, àpapọ̀ tí kò ní àmì ìyọkúrò túmọ̀ sí pé a yí ilẹ̀ náà ká ní òdì sí ọwọ́ aago. Ẹ to àwọn igun wa láti G lọ sí F, sí D, sí B, sí A, ẹ ó rí −1528. Ilẹ̀ kan náà ni, ìrìn ló yàtọ̀. Ìgbà yìí, tí ìṣirò ti parí, tí ẹ sì ti ka ohun tí àmì náà ń sọ, lẹ lè yọ ọ́ kúrò.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí a ṣe to òsì àti ọ̀tún ló ń pinnu ìtumọ̀ yẹn. Nọ́ńbà àríwá ló sábà máa ń ṣíwájú lórí ọ̀pọ̀ púláànù ilẹ̀ wa. Bí ẹ bá dà á kọ bẹ́ẹ̀, tí àríwá wá bọ́ sápá òsì, ìwọ̀n kò ní yàtọ̀, àmì ni yóò yí. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ń rìn bí ọwọ́ aago á wá rí àpapọ̀ tí kò ní àmì ìyọkúrò, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ojú kọ̀mpútà náà tún yàtọ̀. Lórí àwòrán, nọ́ńbà kejì ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀, èyí tó yí ìtumọ̀ padà. Àwọn fáìlì máàpù kò bára wọn mu náà: ìlànà GeoJSON tí wọ́n gbé jáde ní 2016, `RFC 7946`, ní kí odi ìta yí òdì sí ọwọ́ aago, Shapefile sì ń fẹ́ ẹ bí ọwọ́ aago. Ẹ má sọ pé “àmì yìí, ọwọ́ aago ni” láìkọ́kọ́ wo ibi tí nọ́ńbà ti wá.

Nọ́ńbà UTM tó gùn náà ní ewu tirẹ̀. Ìlọ́po 600008 àti 816005 jẹ́ 489,609,528,040, nọ́ńbà onídíjíìtì 12. Kakulétọ̀ tí kì í fi ju 10 hàn á gé ìparí rẹ̀, ẹni tó bá sì ń kọ ohun tó rí sórí bébà kó tó yọ ọ́ kúrò lára èkejì ti pàdánù mítà tó ń wá. Lórí kọ̀mpútà, nọ́ńbà onídẹ́símà oníbíìtì 32 burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà méjì tó lè pa mọ́ níbẹ̀ jẹ́ 32,768. Yíyọ igun àkọ́kọ́ kúrò lára gbogbo wọn kí ìlọ́po tó bẹ̀rẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀. Kóòdù tí mo ń lò nìyí, ó sì ń padà sílé fúnra rẹ̀:

```python
def iwon(p):
    x0, y0 = p[0]
    s = 0
    for i in range(len(p)):
        x1, y1 = p[i]
        x2, y2 = p[(i + 1) % len(p)]
        s += (x1-x0)*(y2-y0) - (x2-x0)*(y1-y0)
    return s / 2
```

Mi ò fi `abs`, tó ń pa àmì ìyọkúrò rẹ́, sí i, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ká sọ pé adágún odò kan wà láàárín ilẹ̀ wa, mítà 10 ní gígùn, 8 ní fífẹ̀, tí oníǹkan kò sì fẹ́ kà á mọ́ ọn. Mo ní kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà to igun adágún náà bí ọwọ́ aago, odi ìta sì ti wà ní òdì sí i. Kóòdù fún odi ìta ní 1528, ó fún adágún ní −80. Ó rò wọ́n pọ̀, ó rí 1,448, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìfọwọ́ kan àmì kankan.